Wọ́n ṣì ń ka lẹ́tà mi lẹ́yìn tí mo ti gba Gmail mi padà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà Gmail mi padà, mo sì lé ẹ̀rọ tí n kò mọ̀ kúrò nínú "Your devices". Mo yọ áàpù àjèjì kan. Mo tún pa òfin kan rẹ́ ní "Filters and Blocked Addresses": ṣe ló ń ju lẹ́tà báńkì sínú Trash. Kò sí àdírẹ́sì kankan ní "Forwarding and POP/IMAP".

Síbẹ̀, mò ń bá lẹ́tà tuntun tí wọ́n ti ṣí kí n tó débẹ̀. Àdírẹ́sì tí n kò mọ̀ kan wà ní "Grant access to your account", lábẹ́ "Accounts and Import", wọ́n sì mú "Mark conversation as read when opened by others". Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í hàn láàárín àwọn ẹ̀rọ, tí ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun kì í sì í lé e? Bí mo bá yọ ọ́, ibo ló tún kù kí n wò?