Fílítà ìpíndọ́gba 200 ọjọ́: ó ń jèrè nínú bákítẹ́sì, ó ń jẹ mí lówó lórí àkáǹtì gidi. Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Ṣọlá Bódìjà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo kọ bọ́ọ̀tì kan tó ń rà tó sì ń tà fúnra rẹ̀ lórí MT5, fún US500, orúkọ tí bírókà ń pe S&P 500, atọ́ka àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le rárá: tí S&P 500 bá parí ọjọ́ lókè ìpíndọ́gba 200 ọjọ́, kó wà nínú ọjà; tó bá parí ọjọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀, kó jáde, kó jókòó. Nínú bákítẹ́sì, tí mo fi dán òfin náà wò lórí iye ọjà àtijọ́, owó ń gòkè ṣáá ni. Kódà ní 2020 tí kòrónà dé, èrè ló jẹ́ fún mi.

Àkáǹtì gidi ni ẹ wá wò. Lọ́jọ́ 24 oṣù kẹta 2025 ó wọlé, lọ́jọ́ 26 ó ti jáde pẹ̀lú àdánù. Lọ́jọ́ 9 oṣù kẹrin, S&P fò sókè 9.5% lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bọ́ọ̀tì mi wà níta, kò jẹ nínú rẹ̀. Ìyàwó mi ti ń béèrè owó, nítorí apá kan nínú rẹ̀ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Iná kì í dúró ládùúgbò wa, mo tún ra bátìrì ńlá nítorí iṣẹ́ yìí. Ó dá mi lójú pé bírókà mi ló ń fún mi ní iye tí kò tọ́ láàárín aago 9 sí 10 alẹ́ tí ọjà Amẹ́ríkà ń tì. Ṣé kí n pààrọ̀ bírókà, àbí kí n fi VIX, ìwọ̀n bí ọjà ṣe ń gbọ̀n tó, kún fílítà náà?

Alhaji Wúrà
Pààrọ̀ bírókà kíákíá! XAUUSD, ìyẹn wúrà sí dọ́là, ni èmi ń ṣe. Tí ìròyìn bá ti ń bọ̀, àlàfo iye ríra àti iye títà á gbòòrò débi pé èrè ọ̀sẹ̀ kan á wọlẹ̀. Mo kúrò lọ́dọ̀ wọn, ara mi balẹ̀.

Ìyá Tọ́mi
Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, tirẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni bọ́ọ̀tì Ṣọlá ń rà tàbí tà, bírókà kò lè fi àlàfo sọ irú èrè yẹn di àdánù. Ṣọlá, fi ìlà kóòdù tó ń ṣí fílítà tó sì ń tì í hàn wá. Ìlà méjì péré tó.

Wálé Peckham
VIX ni ojútùú. Tó bá kọjá 20, pa bọ́ọ̀tì. Tó bá wà nísàlẹ̀ 20, tàn án. Ìgbà tí ọjà bá ń gbọ̀n ni ìṣubú ńlá máa ń dé. Òótọ́ tó dájú ni.

Ìyá Tọ́mi
Wálé, ìdajì òótọ́ ni. Lọ́jọ́ 2 oṣù kejì 2018, VIX parí sí 17.31, fílítà tìrẹ sì wà ní títàn. Ọjà tó ṣí tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ 5, S&P já 4.1%, VIX sì parí sí 37.32. Nígbà tí fílítà rẹ máa pa bọ́ọ̀tì, wọ́n ti nà ọ́ tán. Ó lè ràn ọ́ lọ́wọ́ fún àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́ fún ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ṣọlá Bódìjà
Ẹ ṣé mà. Kóòdù mi kò ní àbùkù. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ni ní yunifásítì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bírókà yìí ni kí ẹ bá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bàbá Adéọlá
Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù! Ṣọlá, owó tó ní ọjọ́ tí wọ́n máa béèrè rẹ̀ kò yẹ kó wà lórí US500, fílítà yòówù kó máa ṣọ́ ọ. Kọ́kọ́ dá a padà.

Ṣọlá Bódìjà
Bàbá, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè mi kọ́ nìyẹn. Kí ọ̀rọ̀ má baà di àríyànjiyàn, kóòdù náà nìyí:

```
df["on"] = df["close"] > df["close"].rolling(200).mean()
df["sys"] = df["on"] * df["close"].pct_change()
```

Ìyá Tọ́mi
Ibẹ̀ ló wà. Ìlà kejì fi `on` tòní mú èrè tòní. Ìgbà tí ọjà bá tì lálẹ́ la tó mọ̀ bóyá tòní parí lókè ìlà ìpíndọ́gba, kóòdù rẹ sì ti fún ọ ní èrè láti ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́, bí ẹni tó gbọ́ èsì bọ́ọ̀lù tán kó tó ta tẹ́tẹ́.

Wo 2020 tí o ní o jèrè yẹn. Ìpíndọ́gba náà wà ní bíi 3,050. Lọ́jọ́ 26 oṣù kejì, S&P parí sí 3,116, ó wà lókè. Lọ́jọ́ 27 ó já 4.4%, ó bọ́ sísàlẹ̀. Kóòdù rẹ ní o ti wà níta lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ṣòwò lóòótọ́ ti jẹ àdánù yẹn tán kó tó mọ̀ pé ìlà já. Ọjọ́ 28 kò kan ẹnì kankan, ìta ni gbogbo yín wà. Lọ́jọ́ 2 oṣù kẹta ó fò 4.6%, ó padà sókè ìlà. Kóòdù fún ọ ní èrè náà. Lọ́jọ́ 3 ó já 2.8%, kóòdù ní o ti jáde. Lọ́jọ́ 4 ó fò 4.2%, o gbà á. Lọ́jọ́ 5 ó já 3.4%, o yẹ̀ ẹ́.

Ẹni gidi á pàdánù gbogbo ọjọ́ tó fò, á sì jẹ gbogbo ọjọ́ tó já. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan yẹn, kóòdù ní o jèrè 9%. Ẹni gidi pàdánù bíi 10%. Èyí ni kó o fi rọ́pò rẹ̀:

```
df["sys"] = df["on"].shift(1, fill_value=False) * df["close"].pct_change()
```

Ní ti 9.5% tó ń dùn ọ́, fílítà kan náà ló mú ọ wà níta lọ́jọ́ 3 àti ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, nígbà tí ọjà já 4.8% àti 6.0%. O ò lè yẹ ọjọ́ tó já yẹn kó o sì jẹ ọjọ́ tó fò.

Ṣọlá Bódìjà
Mo ti tún un ṣe. Èrè tí mo ń rí tẹ́lẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti lọ. Ó kù díẹ̀ kó bá ẹni tó kàn ra S&P tó gbàgbé rẹ̀ dọ́gba, kó sì máa wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà míì. Kí wá ni fílítà yìí wà fún?

Ìyá Tọ́mi
Kí ìṣubú má baà pọ̀ ju agbára rẹ lọ. Ní 2020 yẹn náà, o jáde ní 3,024 lọ́jọ́ 5 oṣù kẹta, ọjà sì lọ sí 2,237 lọ́jọ́ 23. Ó ṣí fún ọ padà ní 3,036 lọ́jọ́ 27 oṣù karùn-ún. Kò fún ọ ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n o ò rí 2,237 yẹn.

Wálé Peckham
Kó máa wo ìlà náà ní òpin oṣù nìkan. Kò ní máa wọlé jáde bẹ́ẹ̀ yẹn mọ́.

Ṣọlá Bódìjà
Àbí kí n fi àlàfo 2% sí i, kó má jáde àfi tó bá já 2% sísàlẹ̀ ìlà, kó má sì wọlé àfi tó bá kọjá rẹ̀ 2%?

Ìyá Tọ́mi
Àlàfo náà á dín in kù, kò ní pa á run. Ní 2020, 3,130 tí ọjọ́ 4 oṣù kẹta parí sí ti kọjá ìlà ju 2% lọ, wàá ṣì wọlé, wàá sì jáde lọ́jọ́ 6 ní 2,972. Má sì wá àlàfo tó máa dára jù fún 2020 nìkan; ọdún tó ń bọ̀ kò ní jọ ọ́.

Ti òpin oṣù, mo gbà á débì kan. Ní 2025 kò bá ti wọlé lọ́jọ́ 24 rárá. Ó máa jáde ní 5,612 lópin oṣù kẹta, kó padà ní 5,912 lópin oṣù karùn-ún. Ìyẹn ná ọ ní bíi 5%. Ti ojoojúmọ́ náà, tá a bá ṣírò jáde-wọlé méjèèjì rẹ̀, bíi 5% ni.

Wálé Peckham
Ṣé ẹ rí i? Bákan náà ni, ti òpin oṣù sì rọrùn ju jíjókòó ti kọ̀ǹpútà lálaalẹ́.

Ìyá Tọ́mi
Títí ìṣubú kan á fi bọ́ sí àárín oṣù. Ní 1987, òfin rẹ wà nínú ọjà lópin oṣù kẹsàn-án. Lọ́jọ́ 19 oṣù kẹwàá, S&P já 20.5%.

Wálé Peckham
Ẹ̀ẹ̀kan láàárín bíi ogójì ọdún nìyẹn, mà. Owó jáde-wọlé ojoojúmọ́ kò dúró de ogójì ọdún.

Ṣọlá Bódìjà
Mo fẹ́ ṣe àyẹ̀wò méjèèjì láti 1990, pẹ̀lú `shift(1)` àti owó àlàfo bírókà mi. Mà, ti òpin oṣù ńkọ́, ṣé ìparí ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù ni kí n lò, àbí kí n dúró de ìgbà tí ọjà bá ṣí lọ́jọ́ kejì?