Bátìrì wo ni kí n rà fún ooru Ìlọrin?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa bátìrì ọkọ̀. Bátìrì Kòrólà mi ti kú, inú oòrùn Ìlọrin ni ọkọ̀ náà sì máa ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Méjì ni mo rí tó bá àyè rẹ̀ mu. Èkíní jẹ́ 75Ah, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì ń yìn gan-an, ṣùgbọ́n F4 ni wọ́n tẹ̀ sí i lára, èyí tí ẹni tó ń tà á ní ó dúró fún Oṣù Kẹfà ọdún 2024. Mítà sì ka 12.4V lórí rẹ̀. Èkejì jẹ́ 60Ah, bíi ti èyí tó kú, orúkọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lókìkí, àmọ́ F5 ni, ó sì ka 12.7V. N kò ka agbára ìṣíná nínú òtútù sí, nítorí ooru ló ń tètè ba bátìrì jẹ́ níbí, tó ń fa omi inú rẹ̀ gbẹ, tó sì ń jẹ òjé rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, bí wọ́n bá tún èkíní ṣáàjì kí ó kún, ṣé ó ṣì yẹ kí n yàn án ju èyí tó jẹ́ tuntun lọ? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.