Àjọ ti parí, jíìmù sì fowó kún owó: báwo ni mo ṣe máa dá owó tó ń jáde ní báńkì dúró?

Ìyá Ìbejì (Peckham)
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń wá ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ báńkì Ìlú Ọba níbí. Gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù ni nǹkan méjì máa ń yọ nínú àkáǹtì mi. Ọ̀kan ni £150 tó ń lọ sọ́dọ̀ alájọ wa. Àjọ yẹn parí lóṣù kẹjọ, gbogbo wa ti kó, síbẹ̀ owó tún jáde lóṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Èkejì ni ti jíìmù. £25 la jọ fẹnu kò sí láti oṣù kìíní, fún ọdún kan gbáko, àmọ́ £31 ni wọ́n yọ lóṣù yìí, ẹnikẹ́ni ò sì sọ nǹkan kan fún mi.

Mo pe báńkì. Ọmọ tó gbé fóònù ní sítáńdìn-ọ́dà ni ti àjọ, dáírẹ́ẹ̀tì-dẹ́bíìtì ni ti jíìmù, pé àwọn lè wo ti jíìmù ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ò ká ti àjọ. Ṣebí inú àkáǹtì kan náà ni méjèèjì ti jáde? Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀, báwo ni mo sì ṣe máa dá wọn dúró?

Bọ̀dá Lékan
Ìyá Ìbejì, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ wọ áàpù báńkì yín, ẹ pa méjèèjì rẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti pa ti jíìmù rẹ́, ẹ ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀ mọ́ nìyẹn.

Àǹtí Ṣadé
Lékan, ti pípa rẹ́ yẹn, òótọ́ ni. Ti pé kò jẹ wọ́n mọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mo ṣiṣẹ́ ní báńkì níbí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì rí àwọn tí irú ọ̀rọ̀ yìí gbé dé ọ̀dọ̀ àwọn agbowó-gbèsè.

Ìyá Ìbejì, ẹ wo ẹni tó ń pàṣẹ. Ní ti sítáńdìn-ọ́dà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún báńkì pé kí wọ́n máa fi £150 ránṣẹ́ sí àkáǹtì báyìí-báyìí lọ́jọ́ kìíní oṣù. Alájọ ò lè fi kọ́bọ̀ lé e, kò sì lè dá a dúró fún yín. Bí ẹ kò bá fi ọjọ́ ìparí sí i, báńkì á máa san án lọ ni, kódà kí àjọ ti tú ká. Ìdí tí wọ́n fi ní ọwọ́ àwọn ò ká £300 yẹn nìyí: ohun tẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe.

Ní ti dáírẹ́ẹ̀tì-dẹ́bíìtì, jíìmù ló ń wá béèrè owó lọ́wọ́ báńkì yín, nítorí pé ẹ fọwọ́ sí i fún wọn. Wọ́n lè yí iye rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún yín. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ṣáájú ló wọ́pọ̀, àyàfi tí àdéhùn yín bá sọ òmíràn. Nítorí agbára tí wọ́n fún ẹni tó ń gbowó yìí ni wọ́n ṣe fi gáráńtì sí i fún ẹni tó ń sanwó. Bí jíìmù tàbí báńkì bá ṣàṣìṣe nípa iye tàbí ọjọ́, báńkì yín ló máa dá owó yẹn padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àwọn ni wọ́n á sì lọ bá jíìmù. Sítáńdìn-ọ́dà kò ní irú gáráńtì bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí. Ṣé £6 tó lé ni wọ́n máa dá padà, àbí £31 látòkèdélẹ̀?

Àǹtí Ṣadé
Ẹ sọ fún báńkì pé gáráńtì dáírẹ́ẹ̀tì-dẹ́bíìtì lẹ fẹ́ lò, kí ẹ sì pè é lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn kan á ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá jíìmù. Odindi £31 ni wọ́n sábà máa ń dá padà. Ẹ má ná an tán o, torí ẹ ṣì jẹ jíìmù ní £25 oṣù yẹn, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè rẹ̀.

Ohun tí Lékan gbójú fò nìyẹn. Ọ̀nà tí owó ń gbà jáde lẹ máa dí tẹ́ ẹ bá pa dáírẹ́ẹ̀tì-dẹ́bíìtì rẹ́. Àdéhùn ọdún kan yẹn ṣì wà títí oṣù kejìlá. Bí ẹ bá pa á rẹ́ lónìí, £25 ti oṣù kọkànlá àti ti oṣù kejìlá di gbèsè, ó sì lè ba orúkọ yín jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń yá èèyàn lówó. Ẹ ka àdéhùn náà bóyá ó máa tún ara rẹ̀ ṣe lóṣooṣù lẹ́yìn ọdún kan. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi ímeèlì sọ fún wọn ṣáájú pé ẹ kò ní tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí owó tó gbẹ̀yìn jáde, lẹ́yìn náà kí ẹ wá pa á rẹ́ ní báńkì. Bí wọ́n bá tún yọwó lẹ́yìn ìyẹn, gáráńtì náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Dàpọ̀ Leeds
Ẹ jọ̀ọ́, tèmi dà bíi tiyín. Áàpù fíìmù kan ń yọ owó mi lóṣooṣù, mo wá a láàárín dáírẹ́ẹ̀tì-dẹ́bíìtì nínú áàpù báńkì, n ò rí i. Mo wá a láàárín sítáńdìn-ọ́dà, kò sí níbẹ̀ náà. Mo gba káàdì tuntun, ó ṣì ń yọ!

Àǹtí Ṣadé
Dàpọ̀, tìrẹ kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Nígbà tí o wọlé síbẹ̀, nọ́ńbà gígùn iwájú káàdì lo fún wọn, àbí? Sọ́ọ̀tì-kóòdù àti nọ́ńbà àkáǹtì ni dáírẹ́ẹ̀tì-dẹ́bíìtì ń lò. Tìrẹ, àṣẹ orí káàdì ni. Káàdì tuntun kì í sábà dá a dúró, torí nọ́ńbà tuntun lè dé ọ̀dọ̀ wọn láìjẹ́ pé o fún wọn. Pe báńkì, sọ pé o ti gba àṣẹ náà kúrò lọ́wọ́ wọn. Báńkì kò gbọdọ̀ ní dandan kí o lọ bá ilé iṣẹ́ náà ná.

Mọ̀ńdélé (Ìbàdàn)
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Nínú áàpù tiwa níbí, ibo ni mo ti máa pa ti ẹni tó yá mi lówó rẹ́? Gbogbo àkáǹtì mi ló ń fọwọ́ kàn.

Bọ̀dá Lékan
Mọ̀ńdélé, Ìlú Ọba là ń sọ. Gbèsè tìrẹ, lọ san án!

Ìyá Ìbejì
Mo ti pa ti àjọ rẹ́ báyìí. Àmọ́ £300 tó wà lọ́wọ́ alájọ ńkọ́? Ó ní òun ti dà á pọ̀ mọ́ owó àjọ tuntun tó bẹ̀rẹ̀, n ò sì sí nínú àjọ yẹn.

Àǹtí Ṣadé
Ẹ wo áàpù náà lẹ́ẹ̀kan sí i lóru òní kó dá yín lójú pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ọjọ́ kìíní bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Ajé ni owó sábà máa ń jáde, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dé ìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kó ku ọjọ́ iṣẹ́ kan ó kéré tán. Ní ti £300, ẹ kọ̀wé ránṣẹ́ sí i, kí ẹ dárúkọ ọjọ́ méjèèjì tí owó wọlé, kí ẹ fi sítéètìmẹ́ǹtì tì í. Báńkì ò lè fipá yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Tó bá kọ̀ ńkọ́?

Bọ̀dá Lékan
Ṣé ẹ mọ ẹni tó mú yín mọ alájọ náà? Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí.

Àǹtí Ṣadé
Kóòtù kékeré wà fún irú owó bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n máa gbowó kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́. Lékan sọ òótọ́ lórí èyí. Ẹ lọ bá ẹni tó mú yín mọ̀ ọ́n ná.