Ṣé odù kan lè bá ẹni méjì wí?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi lọ dá Ifá ìgbéyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń ṣiyèméjì. A jọ sọ̀rọ̀ sí owó kan, babaláwo sì ju ọ̀pẹ̀lẹ̀. A ní ta ni odù náà ń bá wí? Ó ní ìgbéyàwó la béèrè, òun ni odù dáhùn. Ìbò ni yóò yà wá sọ́tọ̀. Owó ẹyọ dúró fún mi, egungun fún un. Mo fi wọ́n pamọ́ sí ọwọ́ méjèèjì, ó tún ọ̀pẹ̀lẹ̀ jù, ó ní kí n ṣí ọwọ́ òsì: owó ẹyọ! Ẹbọ di tèmi nìkan.

A rò ó láti lọ bá babaláwo mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìdáhùn méjì ń bà wá. Kí n tó rúbọ, ṣé ó yẹ kí kálukú wa dá tirẹ̀ lọ́tọ̀? Ẹ má bínú, ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.