Ṣọ́ọ̀bù ní Nyanya, ilé ní Mararaba: ta ni onídìrí ń san owó-orí fún?

Onídìrí Nyanya

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ṣọ́ọ̀bù ìdirun àti ìtọ́jú ojú ni mo ní ní Nyanya, Mararaba ni mò ń gbé. Èmi nìkan ni mo ni ín, ọmọbìnrin kan ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ forúkọ ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ ní CAC. Kí ló máa ń fa ìdádúró níbẹ̀? Àti pé ta ni n ó máa san owó-orí fún? Oríṣiríṣi ènìyàn ló ń mú ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù, mi ò mọ èwo ni owó-orí gan-an nínú wọn.

Aṣírò-owó Garki

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n mú ti CAC ṣáájú. Orúkọ òwò lẹ fẹ́, kì í ṣe kọ́ńpánì. Orí icrp.cac.gov.ng lẹ ti máa ṣe é, ẹ ò ní láti lọ tò sí Maitama. Orúkọ lẹ máa kọ́kọ́ wò bóyá ẹnì kan ti gbà á. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń bá èèyàn tọ́jú rẹ̀. Ẹ mú orúkọ méjì lọ, kí ẹ sì fi ohun tó jẹ́ ti yín nìkan sínú rẹ̀, nítorí orúkọ tó bá jẹ́ ẹwà àti irun lásán, ẹlòmíràn ti gbà á tipẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń há ni NIN. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN ni wọ́n fi ń wo ohun tí ẹ bá kọ. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ ní báǹkì, tí NIN rẹ̀ ṣì wà lórúkọ bàbá, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ máa jáde lórúkọ bàbá. Tó bá dé báǹkì láti ṣí àkáǹtì òwò, wọ́n á ní BVN rẹ̀ kò bá ìwé mu. Ẹ tún NIN ṣe kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan. Ìfọwọ́síwèé náà, orí bébà funfun ni kó wà, inú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni kí ẹ ti yà á ní fọ́tò. Òjìji fóònù tó bá ṣú lé e lórí tó láti mú kí wọ́n dá a padà.

Bí ẹ bá gbé e fún aṣojú, kí ó fi ímeèlì àti nọ́ńbà tiyín sí i. Bí ó bá fi tirẹ̀ sí i, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yí àdírẹ́ẹ̀sì padà, ẹ ò ní rọ́nà wọlé.

Àdírẹ́ẹ̀sì méjì ni fọ́ọ̀mù yẹn ń béèrè, ti òwò àti ti ẹni tó ni ín. Ẹ kọ Nyanya sí ti òwò, Mararaba sí ti ilé. Ẹ má fi ọ̀kan ṣe méjèèjì torí kó lè yá, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ tí a bá dé orí owó-orí.

Bàbá Lugbe

Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ti dá a sílẹ̀ pé òwò tí kò bá pa ju mílíọ̀nù 100 lọ́dún kò san nǹkan kan. Onídìrí wo ló ń pa mílíọ̀nù 100? Kí obìnrin náà forúkọ sílẹ̀, kó jókòó jẹ́ẹ́.

Aṣírò-owó Garki

Bàbá, apá kan ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, òun náà ló sì ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí ìjọ̀ngbọ̀n. Kọ́ńpánì kékeré ni wọ́n dá sí nínú owó-orí kọ́ńpánì. Orúkọ òwò kì í ṣe kọ́ńpánì. Lójú òfin, Àǹtí àti ṣọ́ọ̀bù wọn ẹnì kan ṣoṣo ni: gbèsè ṣọ́ọ̀bù gbèsè wọn ni, èrè ṣọ́ọ̀bù èrè wọn ni. Owó-orí ẹni-kọ̀ọ̀kan ló kàn wọ́n, ìlà tirẹ̀ sì jìnnà sí mílíọ̀nù 100. Nínú èrè ọdún kan, ₦800,000 àkọ́kọ́ ni wọn kì í gba nǹkan kan lórí rẹ̀. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú 100 ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ohun tó bá kọjá ìyẹn, ìdá rẹ̀ ń gòkè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti wúlò ni owó-orí ọjà, ìdá méje àbọ̀ nínú 100 yẹn. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kò ní láti máa bù ú lé owó irun lórí oníbàárà.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ Kaduna

Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Èmi náà ti gba ìwé CAC fún ọṣẹ dúdú àti ìpara tí mò ń pò nílé. Nígbà tí ìwé ti jáde yìí, ṣé mo lè kó wọn lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì?

Aṣírò-owó Garki

Rárá, Màmá. CAC ń sọ ẹni tó ni orúkọ náà ni. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà nínú ìgò. Ìpara àti ọṣẹ tí ẹ pò láti tà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC, súpámákẹ́ẹ̀tì sì máa béèrè rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ ṣí ìbéèrè tiyín sọ́tọ̀, kí ti Àǹtí má bàa sọnù sínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Karu

Ibi tí ìbéèrè Àǹtí ti gbóná ni ti ààlà. Nyanya wà nínú Àbújá, Mararaba jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Nasarawa, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan náà ló là wọ́n já. Owó-orí ẹni-kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ lé ibi tí èèyàn fi ṣe ilé gan-an, kì í tẹ̀ lé ibi tó ti ń ṣe irun. Nítorí náà, iléeṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ Nasarawa ni Àǹtí máa fi ìwé ọdún wọn ránṣẹ́ sí. Ẹni tó ń sùn ní Kubwa ní tirẹ̀, FCT-IRS ló máa lọ bá.

Owó ṣọ́ọ̀bù tí ìjọba ìbílẹ̀ AMAC ń gbà àti owó pátákó, ìyẹn ń tẹ̀ lé ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà. Àwọn yẹn lẹ máa san ní Nyanya. Wọn kì í ṣe owó-orí lórí èrè, ìnáwó ni wọ́n, ẹ sì máa yọ wọ́n kúrò nígbà tí ẹ bá ń ṣírò èrè. Ẹni tó bá mú ìwé wá, ẹ wo orúkọ iléeṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀ àti ọdún tó wà fún. Ẹ bi í ní nọ́ńbà Remita, kí ẹ lọ san án ní báǹkì. Bó bá ní ọwọ́ lòun ti máa gba owó òun, kò tíì sí ìdí láti fún un.

Òṣìṣẹ́ kan lè ní níwọ̀n ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù wà ní Àbújá, Àbújá ló ni owó-orí. Ìwé ilé tí ẹ háyà ní Mararaba, rìsíìtì owó-orí Nasarawa àti àdírẹ́ẹ̀sì ilé tó wà lórí ìwé CAC lẹ máa fi dáhùn. Ẹni tó ní ilé ní méjèèjì, tó ń sùn síhìn-ín lónìí, sọ́hùn-ún lọ́la, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le ju èyí lọ.

Onídìrí Nyanya

Ẹ ṣé gan-an ni, Ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá pa mílíọ̀nù mẹ́fà lọ́dún, ṣé ìdá 15 mílíọ̀nù mẹ́fà ni n ó san? Mi ò lè rí i san o.

Aṣírò-owó Garki

Rárá o, Àǹtí. Mílíọ̀nù mẹ́fà yẹn ni owó tó wọlé, kì í ṣe èrè. Ẹ jẹ́ ká fi owó sí i. Ká ní owó ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ₦600,000 lọ́dún. Àtáṣìmẹ́ǹtì, rìláṣà, ìpara àti ọṣẹ irun, ₦1,450,000. Iná àti epo jẹnẹrétọ̀, ₦480,000. Ọmọbìnrin tó ń bá yín ṣiṣẹ́, ₦70,000 lóṣù, ìyẹn ₦840,000. Owó ìjọba ìbílẹ̀ àti pátákó, ₦30,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦3,400,000. Èrè tó kù, ₦2,600,000.

Owó ilé tí ẹ ń gbé kì í ṣe ìnáwó ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ òfin tuntun gbà kí ẹ yọ ìdá 20 nínú 100 rẹ̀, bí ohun tí ẹ yọ kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Bí ilé Mararaba bá jẹ́ ₦700,000, ẹ máa yọ ₦140,000. Ó ku ₦2,460,000. Ẹ yọ ₦800,000 àkọ́kọ́ kúrò, ó ku ₦1,660,000. Ìdá 15 rẹ̀ ni ₦249,000 fún gbogbo ọdún. Bí ẹ bá ń ya nǹkan bí ₦21,000 sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kò ní já lù yín lẹ́ẹ̀kan náà. Dráyà àti àga ńlá kò sí nínú ìṣirò yìí. Wọn kì í yọ owó wọn tán lọ́dún kan, díẹ̀díẹ̀ ni.

Ìṣirò yìí kò lè dúró láìsí rìsíìtì. Bí ẹ kò bá ní ìwé, ohun tó wọ inú àkáǹtì ni wọ́n máa wò, kò sì sí ẹni tó máa bá yín yọ àtáṣìmẹ́ǹtì kúrò. Ohun tó ń pa àwọn obìnrin wa níbí ni àjọ. Olórí àjọ tó ń gba owó ẹni mẹ́wàá sínú àkáǹtì kan náà tí oníbàárà ń fi owó irun sí, lójú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, owó irun ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ya àkáǹtì àjọ sọ́tọ̀ lónìí. Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ máa kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde lálaalẹ́.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ni ìwé owó-orí ọdún tó kọjá gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, kódà bí èrè kò bá tó ₦800,000. Ẹni tí kò bá fi ránṣẹ́, ìtanràn oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ ₦100,000, ₦50,000 sì ni oṣù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn lè ju owó-orí fúnra rẹ̀ lọ.

Bàbá Lugbe

Mo gbà nípa ti kọ́ńpánì. Ìwé ọdọọdún tí CAC náà ń béèrè ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ohun kan náà?

Aṣírò-owó Garki

Kì í ṣe ohun kan náà, Bàbá. Ti CAC kì í béèrè èrè. Ó kàn ń sọ pé òwò ṣì wà, ọjọ́ 30 oṣù kẹfà sì ni òpin rẹ̀. Wọn kì í béèrè rẹ̀ lọ́dún tí èèyàn forúkọ sílẹ̀, nítorí náà bí Àǹtí bá ṣe é lọ́dún 2026, oṣù kẹfà ọdún 2027 ni àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀, `INACTIVE` ni wọ́n máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òwò rẹ̀, báǹkì náà sì lè rí i.

Alága Kubwa

Ẹ dákun, ẹni tó fi àga kan háyà fún onípẹ̀dí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ńkọ́? Èmi rò pé owó oníbàárà onípẹ̀dí náà jẹ́ owó ṣọ́ọ̀bù, torí inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti san án.

Ẹ̀gbọ́n Karu

Owó háyà àga nìkan ni ti onílé ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí onípẹ̀dí bá pa, tirẹ̀ ni, òun ló máa ṣírò rẹ̀.

Aṣírò-owó Garki

Mo fara mọ́ ọn bí onípẹ̀dí bá ń gba owó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ POS onílé ni gbogbo oníbàárà ń san án sí, tí onílé ń pín in nírọ̀lẹ́, mi ò lè sọ pé ẹni tó ń yẹ ìwé wò máa gbà bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, kí wọ́n kọ àdéhùn wọn sílẹ̀.

Onídìrí Nyanya

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ NIN mi wò. Orúkọ bàbá mi ló wà níbẹ̀, ti ọkọ mi ló wà lórí BVN. Ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, n ó mú ìwé ìgbéyàwó dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti mú irú rẹ̀ lọ láìpẹ́ yìí, ọjọ́ mélòó ló gbà?