Kọnkéré ògiri táǹkì mi kò dé òkè: ṣé bíríkìlà jí sìmẹ́ǹtì mi ni?

Ìyá Ayọ̀:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o. Oorun ò kùn mí láti àná. Táǹkì omi ni mo ń ṣe sábẹ́ ilẹ̀, oníkọnkéré látòkè délẹ̀, kì í ṣe ti búlọ́ọ̀kù. Bíríkìlà sọ pé àpò sìmẹ́ǹtì 35 ló máa gbé ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi náà jókòó ṣírò ó lálẹ́, iye tó dé sí nìyẹn. Mo ra 35 géérégé, mo dúró ti ọkọ̀, mo ń kà á bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́.

Àná ni wọ́n da ògiri. Nígbà tí mo fi máa padà dé lọ́sàn-án, ṣọ́bìrì ni wọ́n ń fọ̀. Ògiri ò sì tíì dé òkè! Mo ti téèpù bọ àárín pákó àti ilẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 43 ló kù. Ó ní, "Mọ́mì, sìmẹ́ǹtì ló tán." Báwo ló ṣe tán? Fóònù ò kúrò létí ọkùnrin yìí látàárọ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan wà tí kì í wo ojú èèyàn. Àpò òfìfo tí mo kà nílẹ̀ jẹ́ 31, ó ní atẹ́gùn ti gbé ìyókù lọ. Inú mi ń ru. Ṣé kí n fi ọlọ́pàá mú un, àbí kí n kàn lé e?

Kò Sí Ìrìn Àsán:
Ẹ má bínú o, ẹ̀yin gan-an lẹ jẹ̀bi. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré, onílé kì í kúrò níbẹ̀. Ibo lẹ lọ?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi nígbà tí mo gbẹ́ ihò tó ń gba omi ilé ìgbẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní búlọ́ọ̀kù 300, àjẹkù rẹ̀ ni mo fi ṣe ibi ìdáná. Ẹ rántí pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi ògiri kan gé inú rẹ̀ sí méjì kí ìgbẹ́ má baà ṣàn kọjá. Ẹ fi ògiri yẹn kún ìṣirò yín.

Ìyá Ayọ̀:
@Ìyá Ìbejì, omi tí a máa lò ni, kì í ṣe ti ilé ìgbẹ́. Kò sí ògiri kankan láàárín.

Ọmọ Sáìtì:
Mo mọ ibi tí àṣìṣe wà. Ẹ ò fi 1.54 sọ ọ́ di púpọ̀. Kọnkéré tí a bá pò máa ń súnkì. Sìmẹ́ǹtì, yanrìn àti òkúta gbígbẹ gbọ́dọ̀ ju ohun tó máa jáde lọ ní ìlọ́po 1.54. Àpò 54 ló yẹ kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe 35. Bíríkìlà yín ò jalè.

Alàgbà Kọnkéré:
Ẹ jẹ́ ká rọra. Ìyá Ayọ̀, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí fún mi. Mélòó ni inú táǹkì, ní gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn? Báwo ni ògiri ṣe nípọn tó? Ìgbà wo lẹ da ìsàlẹ̀? Kí sì ni wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn ògiri, pákó ni àbí ilẹ̀?

Ìyá Ayọ̀:
Ẹ ṣeun, bàbá. Inú rẹ̀ jẹ́ mítà 3 ní gígùn, 2 ní fífẹ̀, 2 ní jíjìn, kí ó lè gba lítà 12,000. Ògiri jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, ìsàlẹ̀ náà 20. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la da ìsàlẹ̀: 3.4 × 2.4 × 0.2, ó jẹ́ 1.632. Àpò 13 gbé e láìsí wàhálà, bíríkìlà kan náà ni. Ìdí tí mo fi mọ̀ pé ó mọ iṣẹ́ nìyẹn, ojúkòkòrò ló wọ̀ ọ́ báyìí. Ti ògiri, mo yí i po láti àárín ògiri: 3.2 + 2.2, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 10.8. Ẹ fi 0.2 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi 2 sọ ọ́, ó jẹ́ 4.32. Àpò mẹ́jọ fún mítà kúbíìkì kan. Ó ku síbi kan?

Ọmọ Sáìtì:
Ẹ wò ó! Ìta ló yẹ kẹ́ ẹ fi yí i po. 3.4 + 2.4, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 11.6. Ìyẹn máa fún yín ní 4.64.

Alàgbà Kọnkéré:
Ọmọ Sáìtì, bó o bá fi ìta ka gbogbo ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì lo ka igun kọ̀ọ̀kan. Igun kan jẹ́ 20 níbùú, 20 lóròó, mítà 2 ní gíga: 0.08 nìyẹn, mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 0.32. Ohun tó fi ju ti ìyá lọ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá fi inú yí i po á gbàgbé igun, ẹni tó fi ìta yí i po á kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àárín ló tọ̀nà. Bó ò bá gbà, mú ilẹ̀ tí ìta gbà, 8.16, yọ ti inú, 6, kúrò. Ó ku 2.16. Fi jíjìn 2 sọ ọ́, ó padà di 4.32.

Ọ̀rọ̀ 1.54 náà, òótọ́ ni fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ látorí ohun gbígbẹ. Ṣùgbọ́n àpò mẹ́jọ fún mítà kúbíìkì kan, nígbà tí a bá fi yanrìn ìwọ̀n kan àtààbọ̀ àti òkúta ìwọ̀n mẹ́ta pò ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan, 1.54 ti wà nínú rẹ̀. Bó o bá tún fi sọ ọ́, o ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Ayọ̀, ẹ ò tíì dáhùn èyí tó kẹ́yìn. Kí ló wà lẹ́yìn ògiri?

Kò Sí Ìrìn Àsán:
Ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ pè. Àpò mẹ́rin kì í fò.

Ìyá Ayọ̀:
Pákó inú nìkan la rà. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣe pákó ìta. Bíríkìlà ní pákó máa ṣòro láti yọ níbẹ̀, mo sì gbà pé a dín ìnáwó kù. Ilẹ̀ ọ̀hún gún régé lọ́jọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ, téèpù mi ló ka 3.4 àti 2.4. Lẹ́yìn tí a da ìsàlẹ̀ ni òjò rọ̀ tó wó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi kó ẹrẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n wọ́n kó gbogbo rẹ̀ tán, ìsàlẹ̀ mọ́ tónítóní kí wọ́n tó to irin.

Ọmọ Sáìtì:
Háà, mọ́mì! Ọ̀rọ̀ yìí lẹ fi pa mọ́ látàárọ̀?

Ìyá Ayọ̀:
Mi ò fi nǹkan kan pa mọ́. Wọ́n kó ẹrẹ̀ yẹn tán, mo sọ bẹ́ẹ̀. Kí ló kàn án pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì?

Alàgbà Kọnkéré:
Ibi tí ẹrẹ̀ ti ya lulẹ̀ ni kọnkéré máa kún, màmá. Pákó inú ò kúrò lójú kan, ilẹ̀ ló sá sẹ́yìn. Ẹ mú téèpù, ẹ padà síbẹ̀. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín pákó àti ilẹ̀ lókè níbi tó ṣófo, ibi méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Ayọ̀:
Mo ti wọ̀n ọ́n: 26, 33, 29, 35, 28, 30, 27, 32. Kò sí ibi kankan tó jẹ́ 20.

Alàgbà Kọnkéré:
Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ pa á pọ̀ kẹ́ ẹ pín in sí mẹ́jọ, ó jẹ́ 30. Nísàlẹ̀, kọnkéré tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ dà ló di ilẹ̀ mú, nítorí náà ẹ jẹ́ ká gbà pé 20 ló ṣì jẹ́ níbẹ̀. Ó ń ṣí lọ sókè bíi fọ́nẹ̀ẹ̀lì. Ká mú 25 láàárín. Ìta ti di 3.5 níbùú 2.5, ìyẹn 8.75. Yọ 6, ó ku 2.75. Bí 4.32 yín bá wọ àyè tó gbà 2.75, mítà 1.57 ló máa ga mọ. Mítà 2 dín 1.57 ni 43 tí téèpù yín kà.

Ìfojúdá ni 25 yẹn o, torí a ò lè wọn ohun tí kọnkéré ti bò mọ́. Bí àárín bá jẹ́ 23, àpò mẹ́rin lè ti sọnù lóòótọ́. Mi ò ní búra fún bíríkìlà. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọlọ́pàá mú ẹnikẹ́ni lórí ìṣirò yìí.

Ìyá Ayọ̀:
Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n òun ni oníṣẹ́, ṣé kò rí i pé ilẹ̀ ti ya ni? Ó yẹ kó sọ fún mi. Ní báyìí, 43 tó kù, mo ti ṣírò rẹ̀: 2.16 × 0.43, kò pé mítà kúbíìkì kan. Kí n ra àpò mẹ́jọ?

Alàgbà Kọnkéré:
Ẹ má rà á mẹ́jọ, ọgbẹ́ kan náà lẹ máa tún padà gbà. Òkè ló fẹ̀ jù. Níbẹ̀, ìta jẹ́ 3.6 níbùú 2.6, 9.36. Yọ 6, ó ku 3.36. Fi 0.43 sọ ọ́, ó jẹ́ 1.44. Àpò 12 gbáko nìyẹn, ẹ ra 13 nítorí èyí tó máa dànù.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju sìmẹ́ǹtì lọ ni ojú ibi tí wọ́n dúró sí. Àná ni wọ́n dà á, ó ti le. Tí wọ́n bá kàn da tuntun lé e, ibẹ̀ lomi máa gbà jáde yíká. Kí wọ́n fi ṣísẹ́lì ṣá omi sìmẹ́ǹtì funfun tó dì sójú rẹ̀ títí òkúta á fi yọ orí. Kí wọ́n fọ̀ ọ́, kó tutù ṣùgbọ́n kí omi má dúró lórí rẹ̀, kí wọ́n tó da tuntun.

Ọmọ Sáìtì:
Àwa máa ń po sìmẹ́ǹtì àti omi bí ẹ̀kọ, a ó sì dà á sójú rẹ̀ kí tuntun tó wọlé. Ìyẹn tó, kò nílò ṣísẹ́lì.

Alàgbà Kọnkéré:
Lórí ojú tó ń dán, ìyẹn máa ń ṣí kúrò bí bébà. Ṣá a ná.

Ìyá Ìbejì:
Tèmi ò jò rárá, búlọ́ọ̀kù ni, a sì kàn rẹ́ ẹ nínú ni.

Ìyá Ayọ̀:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sáìtì dé. Mo wọ inú táǹkì, mo tan iná sí ẹsẹ̀ pákó. Àpò mẹ́ta ni mo rí tí wọ́n ká, tí wọ́n kì sábẹ́ pákó níbi tó ṣí díẹ̀ lórí ìsàlẹ̀ kí kọnkéré má baà ṣàn jáde. Mo fà ọ̀kan, kò yọ, ó ti dì mọ́ ògiri. Inú mi ò dùn pé mo pè é lólè níṣojú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Kò Sí Ìrìn Àsán:
Mẹ́ta péré? Ẹ ní 31, ó ku ẹyọ kan.

Alàgbà Kọnkéré:
Ẹyọ kan, atẹ́gùn lè gbé e. Àwọn mẹ́ta yẹn ni kẹ́ ẹ má gbàgbé. Bébà tí ògiri gbé mì níbi tó ti pàdé ìsàlẹ̀, ojú ọ̀nà omi ni. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá yọ pákó, kí bíríkìlà gbẹ́ gbogbo rẹ̀ jáde títí yóò fi kan kọnkéré líle, kó sì fi yanrìn àti sìmẹ́ǹtì tó ki dí i pinpin. Ẹ dúró tì í lọ́jọ́ náà.

Ìyá Ayọ̀:
Mo ti pè é. Ó ní lọ́la lòun ń bọ̀ pẹ̀lú ṣísẹ́lì. Àpò 13 ni mo fẹ́ lọ rà báyìí.