Ṣé "ìyàtọ̀ aago" lè gbé ẹrù méjì?

Fadékẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń kọ ìwé ìtọ́nà fún àwọn tó ń da lọ́ọ̀gì sáfà láti oríṣìíríṣìí ẹkùn pọ̀ sójú kan. Mo lo "ìyàtọ̀ aago" fún wákàtí tí ẹkùn kan fi ju èkejì lọ, mo tún lò ó fún sáfà tí aago rẹ̀ kò tọ̀nà. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà tó fún méjèèjì?

Àkàndé: Ó tó. Ẹ sáà sọ gbogbo àkókò di UTC kí ẹ tó tò wọ́n, ó tán. Ohun tó ń kó bá àwọn èèyàn ni pé wọ́n á kàn gbé `sort` lé lọ́ọ̀gì láìyí i padà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lójú ni `sort` ń wò, kò mọ ohun tí `+02:00` ń sọ. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ti ibì kan á wá bọ́ síwájú aago méjì ọ̀sán ti ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú kan náà ni wọ́n.

Bọ́láńlé: Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, òótọ́ lẹ sọ nípa `sort`, ṣùgbọ́n UTC nìkan kò lè parí ẹ̀. Ẹ wo ìlà mẹ́rin yìí láti ara sáfà méjì, `fra` àti `iad`; ìbéèrè kan ṣoṣo ló bí gbogbo wọn:

```
2026-06-09T14:03:07.250+02:00 fra send  req=7f3a
2026-06-09T08:03:06.900-04:00 iad recv  req=7f3a
2026-06-09T08:03:06.950-04:00 iad reply req=7f3a
2026-06-09T14:03:07.390+02:00 fra done  req=7f3a
```

Ẹ sọ wọ́n di UTC. Ìlà kìíní di 12:03:07.250, ìkejì di 12:03:06.900. Ó wá dà bíi pé `iad` gba ìbéèrè kí `fra` tó fi ránṣẹ́. Ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé. Aago ọ̀kan nínú wọn kò bá ti èkejì mu, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú lọ́ọ̀gì.

A lè fojú bu iye rẹ̀. Nígbà tí ìbéèrè ń lọ, àkókò `iad` fi 0.350 ìṣẹ́jú àáyá dín sí ti `fra`; nígbà tí èsì ń bọ̀, ó fi 0.440 dín. Bí àlọ àti àbọ̀ bá gba àkókò kan náà lójú ọ̀nà, àárín méjèèjì ni òótọ́ wà: 0.395. Ẹ fi kún àkókò `iad`, ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á tò bó ṣe yẹ. Bí àlọ bá yá ju àbọ̀ lọ, iye náà á yí padà, ṣùgbọ́n kò ní kọjá àárín 0.350 sí 0.440.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká pín ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá kà pé "a ti yanjú ìyàtọ̀ aago" á gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ jẹ́ kí "ìyàtọ̀ aago" dúró fún ti ẹkùn, ká pe èkejì ní "ìyapa aago".

Títílayọ̀: Irú èyí ti ṣe wá rí. Ní Jámánì, lóru ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, wọ́n máa ń dá aago mẹ́ta padà sí aago méjì. Lọ́ọ̀gì wa kì í kọ `+02:00` tàbí `+01:00`, ni 02:30 bá wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Ìyapa aago nìyẹn, àbí?

Bọ́láńlé: Rárá o, àǹtí. Aago yín tọ̀nà. Àmì ẹkùn ni lọ́ọ̀gì yín kò kọ. Ẹ wo fáìlì náà bí sáfà ṣe kọ ọ́ gan-an: ibi tí 02:59 ti padà di 02:00 ni wákàtí kejì ti bẹ̀rẹ̀. Àfi kí ẹ fi àmì sí i kí ẹ tó dà á pọ̀ mọ́ tàwọn ẹkùn yòókù. Tí ẹ bá ti tò ó pẹ́nrẹ́n, ojú ibẹ̀ ti pa rẹ́.

Àkàndé: Mo gbà pé UTC nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n "ìyapa" kò sọ ẹni tó ṣìnà. Lẹ́nu wa, aago a máa sáré, a sì máa fà sẹ́yìn. Ẹ wo `chronyc tracking`, `slow` tàbí `fast` ló ń kọ. Kí ló dé tí a ò lo "ìsáré" àti "ìfàsẹ́yìn"?

Bọ́láńlé: Wọ́n dára fún sáfà kan tí a gbé ka iwájú aago tí a fọkàn tán. Ṣùgbọ́n nínú ìlà mẹ́rin òkè yẹn, a kò mọ̀ bóyá `iad` ló fà sẹ́yìn tàbí `fra` ló sáré. A nílò ọ̀rọ̀ tí kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Fadékẹ́, jọ̀ọ́, kọ ọ́ sínú ìwé náà pé kí wọ́n má pa àkókò àkọ́kọ́ rẹ́. Kí wọ́n kọ èyí tí wọ́n tún ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyapa ọ̀sán lè má jẹ́ ti alẹ́.

Fadékẹ́: Mo ti gba "ìyapa aago". Ó ku ọ̀kan. Bí ìlà `fra` kan àti ti `iad` kan bá fi 0.020 jìn síra, tí kò sì sí `req` tó so wọ́n pọ̀, ṣé mo lè kọ pé ọ̀kan "ṣáájú" èkejì?

Bọ́láńlé: Má kọ ọ́. Iyèméjì tiwa nìkan tó 0.045 síwá sẹ́yìn. Mo máa ń sọ pé wọ́n "jọ wáyé".

Àkàndé: "Jọ wáyé" kẹ̀? Ẹni tó bá kà á á rò pé a rí wọn pa pọ̀. "Aláìmọ̀ṣáájú" ni tèmi.

Títílayọ̀: Ìyẹn gùn jù fún orí tábìlì. Mo ṣì ń wá òmíràn.